Wákàtí Mẹ́fà Tí Kò Sí Ẹnikẹ́ni Nídìí Iṣẹ́: Ìrírí Mi Lórí Bíbẹ̀rẹ̀ Ṣífíìtì fún Ẹgbẹ́ Tó Wà Lókèèrè

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Kalifóníà ni ẹgbẹ́ tí mo ń ṣiṣẹ́ fún wà. Sọ́fítíwíà tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké fi ń kọ ìnfọ́ìsì fún àlejò wọn ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà, iṣẹ́ tèmi sì ni láti dá àwọn oníbàárà lóhùn ní àkókò tí àwọn ará Kalifóníà bá ń sùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, wákàtí mẹ́sàn-án ni aago wa fi ṣáájú tiwọn. Ní àwọn oṣù yòókù, wákàtí mẹ́jọ ni, nítorí pé wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú, a kì í sì í sún tiwa. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣíwọ́, èyí tí í ṣe agogo méjì òru ọjọ́ kejì lọ́dọ̀ wa ní ìgbà òtútù wọn. Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni èmi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí agogo mọ́kànlá alẹ́ àná ṣì ń lù lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, wákàtí mẹ́fà wà tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí àwọn oníbàárà kò dẹ́kun àti máa kọ̀wé, nítorí pé ọ̀sán ti pọ́n ní Singapọ́ọ̀ àti ní Ọsirélíà ní gbogbo àsìkò yẹn.

Mímọ bí a ṣe ń ka wákàtí mẹ́fà yìí kí a tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn ni ohun pàtàkì jù lọ tí iṣẹ́ náà kọ́ mi. Ẹni tó bá ń bá ẹgbẹ́ tó wà nítòsí ṣiṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń dìde lórí àga pé, “Kí ló ń lọ?” Èmi kò ní ẹni tí mo lè bi. Ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ ìfàlélọ́wọ́ sílẹ̀ fún mi ti sùn, ohun tó sì kọ ti di ohun àtijọ́ láti wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn.

Zendesk, sọ́fítíwíà tí a fi ń dá oníbàárà lóhùn, ni a fi ń tọ́jú àwọn tíkẹ́ẹ̀tì wa, ìyẹn àwọn ẹ̀sùn àti ìbéèrè tí oníbàárà kọ ránṣẹ́, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí ipò padà nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wà ní ipò `New`. Bí òṣìṣẹ́ kan bá gbà á, ó di `Open`, orúkọ òṣìṣẹ́ náà a sì wà lórí rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ náà bá ti dáhùn, tó sì ń retí èsì oníbàárà, yóò sọ ọ́ di `Pending`. Nígbà tí oníbàárà bá kọ̀wé padà, tíkẹ́ẹ̀tì náà yóò tún di `Open` fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní kúrò lórí rẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní agogo mẹ́rin òru Ìbàdàn. Oníbàárà ti dáhùn, tíkẹ́ẹ̀tì ti jí, ẹni tó ni ín sì ń sùn. Bí èmi bá dé ní òwúrọ̀, tí mo sì ṣí kìkì àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní orúkọ òṣìṣẹ́ kankan lórí, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí, n kò ní rí i rárá. Ìlà tíkẹ́ẹ̀tì mi yóò mọ́ tónítóní, oníbàárà náà yóò sì jókòó títí ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà yóò fi dé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ Kalifóníà, èyí tí í ṣe agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ló tètè fi ọ̀nà hàn mí. Nígbà tó rí i pé mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì sí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó wà lókè, ó ní, “Àbúrò, má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kọ́kọ́ wo ohun tó yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti lọ.” Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyí?” Ó dáhùn pé, “Ohun tí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó lọ ni wọ́n kọ. Ìwọ ni yóò wá ìyókù.” Ẹni tó bá ọbẹ̀ ẹlòmíràn lórí iná gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi iyọ̀ sí i kí òun náà tó na ọwọ́ sí iyọ̀, bí ọ̀rọ̀ ìlà tíkẹ́ẹ̀tì ti rí gan-an nìyẹn.

Aago ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ṣí ojú-ewé aṣẹ lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì máa ń tẹ ìlà méjì wọ̀nyí kí n tó ka ohunkóhun:

```
date -u
TZ=America/Los_Angeles date
```

Èyí àkọ́kọ́ ń sọ aago àgbáyé, tí à ń pè ní UTC, fún mi; èkejì ń sọ aago Kalifóníà àti ọjọ́ tí wọ́n wà. Ọjọ́ ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ níbí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ Monday ni wọ́n ṣì wà. Bí àkọsílẹ̀ wọn bá ní “ẹnjiníà yóò tún un ṣe lálẹ́ òní,” alẹ́ tí wọ́n ń sọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Bí wọ́n bá ní “ẹ sọ fún oníbàárà ní òwúrọ̀ ọ̀la,” mo ní láti mọ̀ bóyá òwúrọ̀ tèmi, èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí, ni wọ́n ní lọ́kàn, tàbí òwúrọ̀ tiwọn, tó ku wákàtí mẹ́sàn-án kó tó dé, tàbí ti oníbàárà fúnra rẹ̀ tó ti kọjá lọ. Ohun tí a fi ẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni pé nínú àkọsílẹ̀ ìfàlélọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo “òní,” “ọ̀la” tàbí “lẹ́yìn ọ̀sán” láìfi déètì àti aago UTC tì í. Ó dà bí ìnira lójú àwọn kan lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ìbéèrè tí à ń bi ara wa ní ọ̀gànjọ́ òru ló dópin.

Lẹ́yìn aago ni àkọsílẹ̀, lẹ́yìn àkọsílẹ̀ sì ni ìwákiri. Bí ó bá jẹ́ pé agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Monday, ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2025, ni wọ́n ṣíwọ́ ní Kalifóníà, agogo 01:00 UTC ọjọ́ 14 ni ìyẹn jẹ́, èyí sì ni mo máa tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri:

```
status<solved updated>2025-01-14T01:00:00Z
```

Gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì yanjú, tí ohunkóhun sì yí padà lórí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ni ìlà yìí ń kó jáde, yálà orúkọ òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí. Mo máa ń tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù sí èyí tó dé kẹ́yìn, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni mo fẹ́ mọ̀. Mo kàn máa ń kà wọ́n ni. N kì í dáhùn. Bí ojú-ewé ìlà bá ti wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà láti alẹ́ àná, mo máa ń tún un gbé jáde kí n tó gba ohun tó wà lórí rẹ̀ gbọ́, pàápàá bí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ ayélujára sì já. Kíkà yìí kì í sábà gbà ju ìdajì wákàtí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn máa ń sáré pé iṣẹ́ ń dúró.

Ìdí kan tó fi yẹ kí ọkàn sáré díẹ̀ wà lóòótọ́, ìyẹn ni àdéhùn ìdáhùn. Àwọn oníbàárà tó ń san owó tó ga jù ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn àkọ́kọ́ láàárín wákàtí mẹ́jọ, tọ̀sán tòru. Tíkẹ́ẹ̀tì irú wọn tó bá wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí Kalifóníà ti ṣíwọ́, agogo 2:05 òru wa ló wọlé, àkókò rẹ̀ yóò sì pé ní agogo 10:05 òwúrọ̀. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù fún mi bí mo ṣe ń jókòó. Àwọn oníbàárà yòókù, wákàtí iṣẹ́ Kalifóníà nìkan la fi ń ka tiwọn, aago wọn sì ti dúró láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan lè ku ogójì ìṣẹ́jú lábẹ́ àdéhùn kejì yìí, kí ó sì máa bà ènìyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú náà kò ní dín títí di ìrọ̀lẹ́ wa. Ẹni tí kò bá wo irú àdéhùn tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó yan èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe yóò máa lé ohun tó dúró, ohun tó ń sáré yóò sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi òwúrọ̀ kan hàn yín ní kíkún, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé yìí ti pàdé ara wọn. Òwúrọ̀ Tuesday kan ni, nínú oṣù kìíní. Àkọsílẹ̀ ìfàlélọ́wọ́ sọ pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Singapọ́ọ̀ kò lè tẹ ìnfọ́ìsì rẹ̀ jáde, pé ẹnjiníà yóò fi àtúnṣe síta ní 02:00 UTC, àti pé wọ́n ti sọ fún oníbàárà náà kí ó gbìyànjú lẹ́yìn náà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní `Pending` nígbà tí wọ́n ń lọ. Bí mo ṣe ka àkọsílẹ̀ náà nìkan, ọ̀rọ̀ tó ti parí ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe ìwákiri mi, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́ta tó wọlé ní 02:40, 03:15 àti 05:50 UTC. Ẹni àkọ́kọ́ ní àpapọ̀ owó tó wà lórí ìnfọ́ìsì òun kò tọ̀nà. Ẹni kejì ní àlejò kan kọ̀ láti sanwó nítorí pé ìwé rẹ̀ kò bá ti àná mu. Ẹni kẹta, tó wà ní Ọsirélíà, ní owó orí ọjà ti pòórá. Láàárín wọn ni òtẹ́ẹ̀lì Singapọ́ọ̀ àkọ́kọ́ wà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti padà di `Open` ní 04:10 pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀. Oníbàárà náà dúpẹ́ pé ìnfọ́ìsì ń jáde báyìí, ó sì fi ìbéèrè kékeré kan kún un pé, ṣé ẹ̀yin lẹ yọ owó orí kúrò ni?

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra lójú. Bí mo bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó dé kẹ́yìn, mo lè ní kí ará Ọsirélíà lọ wo ibi tí wọ́n ti ń tò owó orí sínú sọ́fítíwíà náà, kí n sì ní kí ẹni tó sọ pé àpapọ̀ kò tọ̀nà fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́. Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọjọ́ kan gbáko ni ìbá sì ná wọn. Títò wọn sórí ìlà aago kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 02:00 UTC, èyí tí í ṣe wákàtí tí àtúnṣe náà jáde gan-an.

Ìfura nìyẹn, kò tíì di ẹ̀rí. Mo wọ inú àkáǹtì ìdánwò wa, mo kọ ìnfọ́ìsì kan, owó orí kò sì sí lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá ìnfọ́ìsì tí ẹni kejì kọ ní 01:20 UTC ọjọ́ náà gan-an, lórí àkáǹtì kan náà, tí kò sì yí ohunkóhun padà níbẹ̀: owó orí wà lórí ìyẹn. Ẹ̀rí ti pé. Òfin wa ni pé bí iye owó bá ṣì fún oníbàárà tó ju ẹyọ kan lọ, kí a pe ẹnjiníà tó wà ní ìgbaradì, ohun yòówù kí aago jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo pè é ní 07:35 UTC, nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí agogo méjìlá òru lù níbẹ̀. N kò kọ ìtàn gígùn ránṣẹ́ sí i. Mo kọ wákàtí tí àtúnṣe jáde, wákàtí àwọn ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti nọ́mbà ìnfọ́ìsì méjèèjì, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ẹni tí a jí lójú oorun nílò ohun tí yóò fi pinnu ohun tó máa ṣe, kò sì nílò kí a máa tọrọ àforíjì gùn-ún gùn-ún. Ó dá àtúnṣe náà padà ní 08:05 UTC. Mo tún kọ ìnfọ́ìsì mìíràn, owó orí sì ti padà.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Dídá àtúnṣe padà túmọ̀ sí pé òtẹ́ẹ̀lì Singapọ́ọ̀ kò tún lè tẹ ìnfọ́ìsì jáde mọ́, mo sì ní láti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbangba kí wọ́n tó fúnra wọn bá a pàdé. Èkejì ni pé àwọn ìnfọ́ìsì tí wọ́n ti kọ láàárín 02:00 sí 08:05 UTC kò ní tún ara wọn ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé wọn kí wọ́n sì tún wọn kọ. Nínú èsì tí mo kọ sí àwọn ará Singapọ́ọ̀, mo ní “láti agogo 10:00 òwúrọ̀ sí 4:05 ìrọ̀lẹ́ òní lọ́dọ̀ yín,” mo sì kọ “láti agogo 1:00 ọ̀sán sí 7:05 alẹ́” sí ti Ọsirélíà. Mo fẹ́ràn kí n ṣe ìṣírò yìí fún oníbàárà. UTC wà fún àwa òṣìṣẹ́ láàárín ara wa, kò sì yẹ kí olótẹ́ẹ̀lì tí àlejò dúró níwájú rẹ̀ máa yọ wákàtí kúrò nínú wákàtí. Mo ṣí tíkẹ́ẹ̀tì kan ní irú `Problem`, mo so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn ní irú `Incident`, kí ẹni tó bá jí ní Kalifóníà má baà bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pàdé nígbà mẹ́rin.

Ìbéèrè kan tí àwọn tuntun máa ń bi mí ni bóyá ó tọ́ láti gba tíkẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ ẹlòmíràn lórí. Èrò mi ni pé kí a dá oníbàárà lóhùn, kí a sì fi orúkọ òṣìṣẹ́ tó ni ín sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá nílò ìtàn tí òun nìkan mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí èmi lè parí kí n tó ṣíwọ́, mo máa ń sọ ọ́ di tèmi pátápátá. Èyí tí kò dára ni kí a gbà á tán kí a tún ṣíwọ́ láìparí rẹ̀, nítorí pé yóò wá di tíkẹ́ẹ̀tì tó jí nígbà tí èmi ń sùn. Nínú ọ̀rọ̀ Singapọ́ọ̀ yẹn, mo dáhùn, mo sì fi orúkọ òṣìṣẹ́ tó ni ín sílẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ inú tí oníbàárà kò lè rí, tó sọ ohun tí mo ṣe àti aago UTC tí mo ṣe é.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣíwọ́, èyí tí í ṣe agogo méje òwúrọ̀ wọn, wákàtí kan sì wà níbẹ̀ tí ilé tún ṣófo. Àkọsílẹ̀ tí mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ju ìpínrọ̀ kékeré kan lọ. Ó sọ ohun tó bàjẹ́ àti wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ àti tó parí, àwọn tó ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ohun tí a ṣèlérí fún wọn àti aago tí ìlérí náà yóò pé, àti ohun tí n kò ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. N kò tíì wá gbogbo àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó kọ ìnfọ́ìsì láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn tí wọn kò sì tíì fi ẹjọ́ sùn. Bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò ṣe é, ẹni tó ń bọ̀ yóò rò pé mo ti ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago tó ń yí padà. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 9 oṣù kẹta ni Kalifóníà sún aago rẹ̀ síwájú, ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ni ó sì dá a padà. Láàárín ìgbà méjèèjì, agogo kan òru wa ni wọ́n ń ṣíwọ́ dípò agogo méjì. Bí mo bá dúró lórí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ mi, wákàtí mẹ́fà yóò di méje, tíkẹ́ẹ̀tì tó wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìṣíwọ́ wọn yóò sì pé àkókò ní agogo 9:05, kí n tó ka ìlà tán dáadáa. Ohun tí mo bẹ ọ̀gá wa pé kí ó gbà, tó sì gbà, ni pé kí a so ṣífíìtì mi mọ́ aago tiwọn: agogo mọ́kànlá alẹ́ Kalifóníà ni mo ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún, èyí tó máa ń bọ́ sí agogo méje òwúrọ̀ Ìbàdàn láti oṣù kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Nínú kàlẹ́ńdà, `America/Los_Angeles` la fi ṣètò ṣífíìtì náà, a kò lo `Africa/Lagos`, kí kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ lè sún un nígbà tí ọjọ́ náà bá pé. Ó ń ná mi ní wákàtí oorun kan ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, ojú pópó kì í sì í tíì kún nígbà tí mo bá ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àlàfo òru náà kì í kọjá wákàtí mẹ́fà mọ́.